Apẹ̀rẹ̀ Màmá Tí Mi Ò Lè Dá Padà

Ní gbogbo àdúgbò iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìkòròdú, tí wọ́n bá ní kí ẹni tó mọ yìnyín dìde, èmi ni mo máa kọ́kọ́ dìde, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìkejì á sì kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó gbé ìdí nílẹ̀. Mi ò kàwé jìnnà. Ìwé kẹrin ni mo wà tí mo fi sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ mí pé kí n padà. Àmọ́ ẹ mú mi dé iwájú ẹ̀rọ yìnyín, kí ẹ fi aṣọ di ojú mi, màá fi etí lásán sọ ohun tó ń ṣe é. Bí omi bá ń dì nínú agolo, ohùn ẹ̀rọ máa ń rẹlẹ̀, bí ẹni tó jẹun yó. Bí kò bá dì, á máa kùn bí ìyàwó tí wọn ò fún lówó ọbẹ̀.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ojú tì. Ojú kì í ti ẹni tí ò fọ́nnu rí bó ṣe ń ti irú wa.

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mò ń kó yìnyín lọ. Blọ́ọ̀kù gbọọrọgbọọrọ ni, mo máa ń fi àpò ìdọ̀họ àti tapólì bò wọ́n nínú mọ́tò, kí oòrùn má bàa jẹ nínú wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Oníbàárà mi pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ni orí gbogbo wọn. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ìlàjẹ ni, láti etí òkun Oǹdó. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ni wọ́n jọ bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀sà yìí nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Kì í pariwo. Bí ó bá gbé blọ́ọ̀kù yìnyín, gbogbo obìnrin tó wà ní ìlà rẹ̀ lọ́jà á gbé. Bí ó bá ní òun ò rà lónìí, a jẹ́ pé mo ń gbé omi padà sí Ìkòròdú nìyẹn. Ẹni tó bá já okùn pẹ̀lú Màmá ti já okùn pẹ̀lú gbogbo ìlà yẹn.

Lọ́jọ́ kan, yìnyín mi ò tó. Ẹja ọjọ́ náà pọ̀ bí eéṣú, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa blọ́ọ̀kù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, aláṣejù kan báyìí tó ń ta ẹpìyà nítòsí Màmá, ló pariwo pé, "Ẹni tí ò lè pèsè, kó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíì o!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gun ẹ̀yìn mọ́tò, mo ní, "Ẹ fara balẹ̀! Ta ló sọ fún yín pé mi ò lè pèsè? Mo ní ẹ̀rọ kejì nílé. Inú náílọ́ọ̀nù ló ṣì wà. Ọjọ́ tí mo bá tan án, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bẹ̀ mí pé kí n dín yìnyín kù!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wò mí bí aránṣọ ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ rán aṣọ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ kejì yẹn ṣe rí gan-an. Tòkunbọ̀ ni. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ jó kọ̀npírẹ́sọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kìíní náà ń ṣàìsàn, mo ń yọ ẹ̀yà ara ìkejì fi tún un ṣe, lónìí páìpù, lọ́la fáànù, títí tí ẹ̀rọ kejì fi di àpótí irin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ṣí. Àwọn adìẹ ìyàwó mi rí i pé ilé ti ṣófo, wọ́n kó wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Náílọ́ọ̀nù tí mo pariwo rẹ̀ lórí mọ́tò, òun ni mo ta lé wọn lórí kí òjò má bàa pa wọ́n.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Màmá ní kí n wá jókòó. Ó fà mí sí ibi ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó fún mi ní àpótí ìjókòó, ó fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rẹ yẹn. Kí ló ń ṣe nínú náílọ́ọ̀nù? Ilẹ̀ kan wà létí omi níbí tí àwọn onílẹ̀ ṣetán láti yá wa. Àwa obìnrin ìlà wa á kọ́ ilé sórí rẹ̀, a óò gbẹ́ bóhóòlù, a óò máa ra dísù sí jẹnẹrétọ̀. Ìwọ, mú ẹ̀rọ rẹ wá, mú ọgbọ́n orí rẹ wá. Èrè, ká pín in sí méjì dọ́gba. O ò ní máa gbé yìnyín rin ọ̀nà mọ́, àwa náà ò ní máa wojú ọ̀nà. Báwo lo ṣe rí i?"

Ká ní ẹ rí mi níjọ́ náà. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, méjèèjì ń jà nínú mi. Ìgbà náà gan-an ló yẹ kí n sọ òtítọ́. Ẹnu mi tó máa ń yára, ó tún yára.

"Màmá, ohun kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí n délé kí n rò ó."

Ó fi ẹja gbígbẹ kún apẹ̀rẹ̀ kan fún mi. Ọ̀bọ̀kún olóyinmọmọ, tí èéfín ti wọ̀ dé egungun. "Ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ jẹ ẹ́. Tí ẹ bá ti rò ó tán, kí apẹ̀rẹ̀ mi gbé ìdáhùn wá fún mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àṣà wa, ẹ mọ ohun tó sọ. Apẹ̀rẹ̀ ẹni kì í padà sílé lófìfo. Ohun kan á wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan á sì bá a rìn.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi tú ẹja náà, ó ń yọ̀. Mo sọ ohun tí Màmá wí fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹja.

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ìkejì."

"Èyí tí adìẹ mi ń sùn sí?"

"Ìyá wọn, má bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò bẹ̀rẹ̀ o, olówó orí mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn adìẹ náà á bá wa lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni."

A jẹ ẹja náà. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. A fi jẹ ẹ̀kọ, a fi se ẹ̀fọ́, a fún àwọn ará ilé nínú rẹ̀. Ẹja tán, apẹ̀rẹ̀ kù. Ìyàwó mi gbé e kọ́ ara ògiri yàrá ìgbàlejò, ní ọ̀ọ́kán àga mi, kì í sì í ṣe pé kò ríbòmíì gbé e kọ́. Bí mo bá jókòó, òun ni mò ń wò. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní, "Apẹ̀rẹ̀ yìí dára o, níbo lẹ ti rí i?" Màá ní ẹ̀bùn ni.

Mo gba awakọ̀ kan, ojúgbà mi, pé kó máa bá mi gbé yìnyín lọ. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ fún mi nílé. Irọ́ ni. Mi ò lè wojú Màmá. Bí awakọ̀ náà bá dé, á ní, "Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní ṣé ara apẹ̀rẹ̀ àwọn le?" Nígbà tó yá, kò kí mi mọ́. Á kàn ní, "Wọ́n tún béèrè ara apẹ̀rẹ̀."

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún mi. Ó ń ṣa èwù lórí okùn, kò tiẹ̀ wo ojú mi. "Ẹ lọ bá wọn. Ẹ dúpẹ́ pé wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ̀ yín, nítorí iyì ni. Ẹ sọ pé kò lè ṣeé ṣe báyìí, ẹ sì sọ ìdí tí kò fi lè ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí agbára yín ká, àti ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà kí ẹ tó lè bá wọn ṣe é. Èèyàn lè sọ pé rárá kí okùn má já. Dídákẹ́ tí ẹ dákẹ́ yìí ló ń gé e."

Mo ní, "Ṣé kí n lọ sọ fún gbogbo ọjà pé adìẹ ń gbé inú ẹ̀rọ mi?"

Ó ní, "Àwọn adìẹ ò tijú."

Ìbínú ni mo bá jáde. Mo lọ dúró nítòsí jẹnẹrétọ̀, kí ariwo rẹ̀ lè jẹ́ kó dà bíi pé iṣẹ́ ńlá ń lọ lẹ́yìn mi, mo fa fóònù yọ, mo fi ohùn mi ránṣẹ́ sí Màmá lórí Wasáàpù. Mo ṣì rántí ohun tí mo sọ, nítorí wọ́n ti fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò. Ẹ ṣeun. Àmọ́ ṣé ẹ rí i, àwọn èèyàn kan láti Àbújá ń dà mí láàmú, wọ́n fẹ́ kí n wá bá àwọn dá iléeṣẹ́ yìnyín sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọwọ́ mi kún. Ká sọ tòótọ́, ti Ẹ̀pẹ́ yẹn kéré díẹ̀ sí ohun tí mò ń lé báyìí. Tó bá yá, bóyá a óò tún sọ̀rọ̀."

Mo rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Mo ti kọ̀, mo sì ti fi "bóyá" sí i nídìí. Ohun tí mi ò rò ni pé Màmá kì í gbé fóònù mọ́ etí. Ṣe ló máa ń gbé e sórí tábìlì ẹja, tí á jẹ́ kó máa pariwo, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í sábà gbẹ. Gbogbo ìlà ló jọ gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ mi padà dé, omi ń ro tótótó lábẹ́ mọ́tò. Nínú gbogbo yìnyín tó gbé lọ, díẹ̀ ni wọ́n rà. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ẹnì kan ti gbé yìnyín wá bá wọn láti ibòmíì. Màmá ní kí n kí ará Àbújá."

Mi ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe omi tó dà nù ló ń dùn mí. Màmá yìí, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé yìnyín dé Ọjà Olúwo tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí, òun ló kọ́kọ́ rà á. Ó fi ọwọ́ kan blọ́ọ̀kù mi, ó ní, "Èyí le," àwọn yòókù bá rà. Òun náà ni mo wá sọ fún pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré lójú mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun mi, èyí tí mo fi ń lọ síbi tí wọ́n bá ti máa wò mí. Ìyàwó mi gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ẹnu rẹ̀.

"Kí lo kó sí i?"

"Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ẹ rọra wakọ̀."

Mo rò pé gààrí ni, tàbí iṣu. Ẹ̀mí mi ò sí lọ́dọ̀ apẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ńṣe ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Mo fẹ́ sọ pé àwọn ará Àbújá ti yí ọkàn padà. Mo tún fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ náà ń dúró de ẹ̀yà kan láti òkè òkun. Gbogbo rẹ̀ dùn lẹ́nu mi. Ẹ ò rí i pé mi ò tíì kọ́gbọ́n.

Mi ò tíì ti ilẹ̀kùn mọ́tò tí obìnrin ẹlẹ́pìyà yẹn fi rí mi.

"Ẹ yà o! Ẹ yà o! Bàálù ti balẹ̀!"

Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ kú ìrìn o, ará Àbújá! Ṣé yìnyín ò yọ́ lójú òfuurufú?"

"Ẹ bá wọn wá àga ńlá o, àga Ẹ̀pẹ́ máa kéré fún wọn!"

Ẹ̀rín ta káàkiri ìlà. Mo ń rìn lọ, apẹ̀rẹ̀ wà níwájú ikùn mi, mi ò mọ ibi tí màá fi ojú sí. Mo dé ọ̀dọ̀ Màmá. Ó ń ha ìpẹ́ ẹja, kò dúró. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, omi ẹja àti ìpẹ́ ló kún un. Mo wo ilẹ̀, mo wo aṣọ funfun mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde, aṣọ rẹ dára." Ó nawọ́ gba apẹ̀rẹ̀. "Apẹ̀rẹ̀ mi, káàbọ̀. Ara ẹ le?"

Ó ṣí ewé náà. Ẹyin ni. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀, ó kún títí dé ẹnu, ìyàwó mi fi koríko tẹ́ ẹ. Mo mọ ibi tí ẹyin náà ti wá.

Ẹlẹ́pìyà ti yọjú. "Ẹyin ìbílẹ̀! Ẹ tún ń sin adìẹ ní Àbújá ni?"

Màmá mú ọ̀kan, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nù ún. Ó mú òmíràn. Àbàwọ́n dúdú kan wà lára rẹ̀, tó ń dán.

"Kí ló dé tí ẹyin yìí ní gírísì lára?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ Àbújá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òkè òkun wà níbẹ̀, wọ́n to ara wọn sórí ahọ́n mi bí èrò ọkọ̀. Mo wo ẹyin yẹn lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Kò sí ọ̀kankan nínú irọ́ mi tó lè nu gírísì kúrò lára ẹyin.

"Inú ẹ̀rọ ni wọ́n yé e sí, Màmá."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ìkejì. Èyí tí mo ní ó wà nínú náílọ́ọ̀nù. Kọ̀npírẹ́sọ̀ rẹ̀ ti jó tipẹ́. Mo ti tú ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ìkíní. Adìẹ ló ń gbé inú rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹlẹ́pìyà jókòó sílẹ̀, ó di inú mú. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀.

"Àbújá ńkọ́?"

"Kò sí Àbújá kankan, mà."

Nígbà tó ti débẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ara mi fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi kọ́ mi ló kù, mo sì sọ ọ́ bó ṣe wá, láìfi òróró kún un. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rò mí mọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò lè bá yín dá a sílẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo ní, tí mo bá sì gbé e wá síbí, iṣẹ́ mi ní Ìkòròdú á kú. Tí ẹ bá kọ́ ilé tí ẹ gbẹ́ omi nítorí tèmi, ẹ óò máa wo òrùlé lásán. Ohun tí agbára mi ká ni kí n máa gbé yìnyín wá fún yín lọ́jọ́ ọjà, èmi fúnra mi, kó má tún dín. Tí ẹ bá rí ẹlòmíì tó ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ mú un. Màá wá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà fún yín, kó má bàa ta òkú ẹ̀rọ fún yín. Tí ẹ bá sì gbẹ́ bóhóòlù, ẹ kọ́kọ́ bu omi rẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ jẹ́ kó sùn. Bó bá di pupa, yìnyín yín á pọ́n, kò sẹ́ni tó máa kó o lé ẹja. Àmọ́ bí ẹ ò bá tíì rí ẹnì kankan nígbà tí ẹ̀rọ kejì mi bá dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá bá yín."

Màmá gbé ẹyin náà padà sórí koríko, jẹ́jẹ́.

"Ṣé o rí i," ó ní, "rárá tó o sọ yìí ò dùn mí. Èmi náà ti kọ̀ fún èèyàn rí, wọ́n sì ti kọ̀ fún mi. Dídákẹ́ tó o dákẹ́ ló mú ká dá àwọn onílẹ̀ dúró, tá à ń bẹ̀ wọ́n pé ẹni wa ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lo wá ní Ẹ̀pẹ́ kéré. Ìyẹn ló dùn mí."

Mo tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ẹja dá mi dúró.

"Ó tó. Gbé yìnyín wá lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó gbé ti àná wá, tirẹ̀ rọ̀ jù, kò tó ọ̀sán tó fi yọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, a óò sọ fún wọn pé kò tíì yá. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ rẹ bá dìde, má wá sọ fún mi. Pè mí lórí fóònù, kó o gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ohùn tirẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ tìẹ."

Ẹlẹ́pìyà ní, "Kí adìẹ má kọ lẹ́yìn rẹ̀ o!"

Màmá kó ẹyin náà sínú abọ́ kan, ó sì na apẹ̀rẹ̀ òfìfo padà sí mi. Mo wò ó tìyanutìyanu. Mo ní, "Màmá, tiyín ni."

"Mo mọ̀ pé tèmi ni. Mú un lọ. Ẹsẹ̀ mi ni màá fi wá gbà á ní Ìkòròdú, lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ ohùn yẹn."

Láti ìgbà náà, ará Àbújá ti lọ. Bàbá Ẹlẹ́yin ni wọ́n ń pè mí ní Ọjà Olúwo. Bí mo bá ti pa mọ́tò, àwọn obìnrin á ní, "Bàbá Ẹlẹ́yin, ẹ yé mélòó lónìí?" Èmi tí wọ́n ń pè ní Alága ní Ìkòròdú. Mò ń dáhùn, kí ni kí n ṣe? Mo gbé yìnyín wá, ó le, wọ́n rà á. Níwájú Màmá, mi ò tíì lè dúró kí n tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ bíi tẹ́lẹ̀. Ṣe ni mo máa ń já blọ́ọ̀kù tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kí n sì yára wọ mọ́tò.

Mo ti lé àwọn adìẹ kúrò nínú ẹ̀rọ kejì. Mo ti fọ inú rẹ̀, mo ti ra páìpù, kọ̀npírẹ́sọ̀ ló kù, mi ò sì fẹ́ ra èyí tí ò dá mi lójú. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀ Màmá wá sí iwájú ẹ̀rọ náà kó lè máa wò mí. Mo jáde lọ fọwọ́. Nígbà tí mo dé, àgbébọ̀ ìyàwó mi ti jókòó sínú rẹ̀, ó na ọrùn, ó ń wò mí bí onílé ṣe ń wo ayálégbé.

Mi ò lé e. Mo mú sípánà mi, mo padà sídìí iṣẹ́.